Àwòrán Tí Mo Yà Lálẹ́ Ọjọ́ Kẹjọ

Lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ tí Ìyá wa àgbà jáde láyé, lẹ́yìn tí àwọn àfáà ti ṣe fìdáù tán, tí àlejò ti tú ká, tí a sì ti ká ẹní kúrò ní àgbàlá, àwa ọmọ àti ọmọọmọ nìkan ṣe ìpàdé lórí Zoom. Àwọn kan wà ní Ìlọrin níbí, àwọn kan wà ní Ọ̀fà, àwọn kan wà l'Ékòó, ẹnì kan wà ní Jẹ́dà, àwọn méjì wà nílùú ọba. Ojú mẹ́tàdínlógún ni mo kà lórí láàpútọ́ọ̀pù mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó dàgbà jù dá àdúrà ìkẹyìn sílẹ̀, tí gbogbo wa tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, mo wo ojú sikirini yẹn, orí mi wú. Ìyá ti lọ, àmọ́ àwọn ọmọ wọn pé. Mo tẹ Windows, Shift àti S papọ̀, mo fa ìlà yí gbogbo àwọn ojú náà ká, mo sì fi pamọ́. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́, mo fi àwòrán náà sórí gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa. Gúrúùpù yẹn kì í ṣe ti ọmọ Ìyá nìkan. Àwọn àna wà níbẹ̀, àwọn ọkọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí láti agboolé mìíràn wà níbẹ̀, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún dáadáa. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọlọ́run ṣeun tó pa wá pọ̀." Àwọn èèyàn ń ṣe àmín títí mo fi sùn.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Ìyá Òkè-Kúrá pè mí. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, ẹlẹ́hàá sì ni wọ́n láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ìlọrin lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde nílé, láti orí dé ẹsẹ̀ ni aṣọ máa ń bò wọ́n, ojú wọn pẹ̀lú. Àmọ́ nínú ilé, láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn ọkùnrin, láàárín ọmọ tí wọ́n bí àti ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wọn bí, wọ́n á jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á ṣí orí sílẹ̀, wọ́n á máa bá wa ṣeré. Ẹ̀sìn gbà á láàyè. Bó ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an nìyẹn. Gbogbo ọkùnrin tó wà lórí ìpè náà, ọmọ ìyá wọn ni tàbí ọmọ ọmọ ìyá wọn. Wọn ò ṣẹ̀, wọn ò sì gbàgbé ara wọn. Orí ibùsùn wọn ni wọ́n jókòó sí, irun wọn tó ti funfun wà lójú, ọmọ wọn obìnrin ló bá wọn di fóònù mú.

Wọn ò pariwo. Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè bóyá mo sun oorun dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ìwọ lè rí irun mi. Ìyá rẹ ni mo jẹ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lánàá ló lè rí i. Ta wá ni ó ní kó o mú mi jáde nílé?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ foríjì mí, mi ò ronú kàn án." Òótọ́ ni. Mi ò ronú kàn án rárá. Ohun tí mo ń kọ nípa rẹ̀ lónìí náà nìyẹn, nítorí láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ronú kàn án, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe irú ohun tí mo ṣe lójoojúmọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó yé mi ni pé, ìyọ̀ǹda tí èèyàn ṣe fún wa láti rí i lórí ìpè ní ibi tó mọ. Ìyá Òkè-Kúrá yọ̀ǹda fún ojú mẹ́rìndínlógún, fún wákàtí kan, kí a rí wọn kó sì tán síbẹ̀. Èmi ni mo sọ wákàtí kan yẹn di ohun tí kò lópin, tí mo sì sọ ojú mẹ́rìndínlógún di ojú ẹgbẹgbẹ̀rún. Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwọn fi yé tẹrú-tọmọ ni pé ẹ̀sìn ti la ààlà náà síta kedere, ẹni báyìí lè rí mi, ẹni báyìí kò gbọ́dọ̀ rí mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní ààlà tirẹ̀. Ẹnì kan ò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé òun wà ní Ìlọrin lọ́jọ́ yẹn. Ẹlòmíràn ò tíì sọ fún ará ilé ọkọ pé òun lóyún. Ẹlòmíràn ń ṣàìsàn, ojú rẹ̀ ti rù, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi í ṣàánú kiri. Wọ́n á tan kámẹ́rà fún àwa tí a sún mọ́ wọn, wọn ò ní tan án fún gbogbo ayé.

Ohun kejì ni pé Zoom kì í sọ fún ẹnikẹ́ni bí ẹnì kan bá ya ojú sikirini rẹ̀. Mo rò pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ẹnì kan bá tẹ Record nínú ìpàdé, ohùn kan á kéde pé wọ́n ti ń gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀, àmì pupa kan á sì hàn lójú gbogbo wa. Èèyàn á gbọ́ ìkéde yẹn, á tún ara ṣe tàbí kó pa kámẹ́rà. Nítorí pé a ti mọ ìkéde yẹn, nígbà tí a ò bá gbọ́ ọ, ọkàn wa á balẹ̀ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi pamọ́. Sikirinṣọ́ọ̀tì kò ní ìkéde. Ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni tó yà á nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀, Zoom kò dá sí i. Ìpè fídíò WhatsApp náà kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó pe ìpàdé lè ti kámẹ́rà ẹnikẹ́ni pa, ṣùgbọ́n kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kó má ya ojú sikirini rẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ rí ọgbọ́n dá sí i lọ́la, ta ni yóò dí ẹni tó gbé fóònù kejì tó ń ya ojú fóònù àkọ́kọ́?

Ohun mìíràn wà tí mi ò mọ̀ títí ọmọ Ìyá Òkè-Kúrá fi ṣàlàyé fún mi. Lórí fóònù kékeré tó dì mú, ojú mẹ́rin péré ló ń hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní láti fi ìka fà á kó tó rí àwọn yòókù. Lórí láàpútọ́ọ̀pù tèmi, Zoom lè to ojú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sójú kan, ìyẹn ni gbogbo wa fi pé lójú mi. Ìyá Òkè-Kúrá ń wo ẹ̀gbọ́n wọn, èmi, àti àwọn méjì mìíràn, ó sì dà bíi pé yàrá kékeré kan la jókòó sí. Wọn ò lè mọ irú àwòrán tí èmi lè yà láti ibi tí mo wà, nítorí ohun tí mò ń rí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń rí. Ẹni tó ń rí gbogbo èèyàn ni ẹrù náà já lé léjìká.

Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tún àwòrán náà wò, bí ẹni tó fẹ́ ra ọjà tó sì ń wá àbùkù lára rẹ̀. Ojú Ìyá Òkè-Kúrá nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ọ́fà, níbi tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà, nọ́mbà fóònù rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìbátan wa tó wà nílùú ọba, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti wẹ̀ tán tí kò tíì wọṣọ ń kọjá lọ. Lórí tábìlì ẹlòmíràn, ike oògùn mẹ́ta tò sílẹ̀. Mo ti wo àwòrán yẹn ó kéré tán ìgbà mẹ́wàá kó tó di pé mo fi ránṣẹ́, ọwọ́ tí a tẹ́ fún àdúrà nìkan ni mo sì ń rí.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o padà. Mo tẹ Delete for everyone lórí gúrúùpù. Ìyẹn ṣiṣẹ́, nítorí WhatsApp fún wa ní ọjọ́ méjì àti díẹ̀ láti fi ṣe é, tèmi ò sì tíì pé wákàtí mẹ́wàá. Mo rò pé ó ti tán. Àmọ́ pípa tí a pa á rẹ́ nínú gúrúùpù kò dé ibi gbogbo. Ẹni tó ń lo aífóònù, tí WhatsApp rẹ̀ sì ń kó àwòrán sínú àpótí àwòrán fóònù fúnra rẹ̀, tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò mi kan ti gbé e sórí Status rẹ̀, á sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 24 bí kò bá yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn tí wọ́n jọ ṣe ilé ìwé gírámà. Fóònù tèmi gan-an, bí mo ṣe pa á rẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀dà kan ti gòkè lọ sínú Google Photos lóru, nítorí mo ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, mo sì ti gbàgbé.

Mo pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa àwòrán Ìyá Òkè-Kúrá rẹ́," nítorí gbogbo ẹni tí kò tíì ṣàkíyèsí á wá lọ wá irun wọn níbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún àwọn tí mo pè ni pé àwòrán àná ní àṣìṣe nínú, kí wọ́n bá mi pa á rẹ́, kí wọ́n sì wo inú ibi tí fóònù ń kó ohun tí a pa rẹ́ sí, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ fún bí oṣù kan. Ọ̀pọ̀ wọn ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ti gúrúùpù ilé ìwé gírámà, alábòójútó wọn bá wa yọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi iye èèyàn tó ti fi pamọ́ kó tó yọ. Mo lọ sí Òkè-Kúrá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó nílẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó dára kí ẹni tí a ṣẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé ju kí a fi "kò séwu" rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Àwọn kan bi mí pé kí ni òfin wí. Òfin ààbò dátà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ka àwòrán ojú èèyàn mọ́ ohun tó jẹ́ ti ẹni náà, ó sì sọ ọ́ gbangba pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, nítorí lọ́dọ̀ wa, ẹni tó dákẹ́ la máa ń kà sí ẹni tó gbà. Òfin náà yọ ohun tí èèyàn ń ṣe láàárín ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀ sílẹ̀, bí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, nítorí náà n kò rò pé ẹnikẹ́ni máa gbé gúrúùpù ẹbí lọ sí kóòtù. Àmọ́ nígbà tó bá di ilé ìwé, ilé iṣẹ́, tàbí ilé ìjọsìn tó fẹ́ fi àwòrán ìpè ṣe ìpolówó, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti inú ilé nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ìsinmi láti Òmù-Àrán rí i. Ọ̀gá ilé ìwé ní kó ya ojú àwọn ọmọ lórí Zoom fún ìwé ìpolówó. Orúkọ àti kíláàsì ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ojú rẹ̀, kò sì sí òbí kankan tí wọ́n bi. Ó ní kí gbogbo ọmọ pa kámẹ́rà, ó ya ara rẹ̀ àti pátákó tó fi ń kọ́ wọn, ó sì fi ìyẹn ránṣẹ́. Ọ̀gá náà lò ó.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà ṣe é nísinsìnyí, èmi àti Ìyá Òkè-Kúrá la jọ rò ó. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnì kan bá tiẹ̀ tọrọ àyè, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò, ẹni tí kò bá fẹ́ kó pa kámẹ́rà." Ó dà bí ohun tó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ ló gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Òun ló gbọ́dọ̀ tètè gbọ́, òun ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ti ń pa á, òun náà ni gbogbo èèyàn á sì rí pé ó yọ ara rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlòmíràn á já lásìkò náà, kò ní gbọ́ ìkéde rárá, ojú rẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Àgbà tí ọmọ bá di fóònù mú kò mọ ibi tí a ń tẹ̀. Kí wọ́n tó béèrè, a ti yà á.

Nítorí náà, a yí i padà. Mo máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe àti ibi tí àwòrán náà ń lọ: "Mo fẹ́ ya ojú wa. Àwa ọmọ Ìyá nìkan ni mo máa fi ránṣẹ́ sí, kò ní dé gúrúùpù ńlá, kò sì ní dé Facebook." Lẹ́yìn náà mo máa ń ní kí gbogbo wa pa kámẹ́rà, èmi náà pẹ̀lú. Mo máa ń dúró títí gbogbo ojú á fi di orúkọ lásán, nítorí dátà àwọn kan máa ń falẹ̀. Bí ti ẹnì kan bá ṣì tàn, èmi tí mo pe ìpàdé lè bá a pa á. Ìgbà yẹn ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ wà nínú àwòrán tan tirẹ̀ padà, kó sì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ ná. Ẹni tí kò fẹ́ kò ní ohunkóhun láti ṣe. Ẹni tí kò gbọ́ kò ní ohunkóhun láti ṣe. Ètò Zoom náà bá a mu, nítorí ẹni tó pe ìpàdé lè pa kámẹ́rà ẹlòmíràn, àmọ́ kò lè tan án fún un. Kò lè ju kó bẹ̀ ẹ́ lọ, onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́.

Kí n tó yà á, mo máa ń tẹ Hide Non-video Participants kí àwọn àpótí tí orúkọ nìkan wà nínú wọn kúrò lójú. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, ẹni tó bá wo àwòrán á mọ ẹni tí kò fẹ́. Mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé, "Lágbájá dà?" Ìbéèrè yẹn nìkan tó láti mú kí èèyàn tan kámẹ́rà lódì sí ọkàn rẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ àgbà tàbí ọ̀gá ló béèrè. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé ibi iṣẹ́ ni, ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣọ́ra jù, nítorí òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ kí ọ̀gá rí i pé òun nìkan ló fà sẹ́yìn.

Bí ojú kan bá wọ inú àwòrán láìròtẹ́lẹ̀, gígé ni mo máa ń gé e kúrò pátápátá. Àwọn kan máa ń fi bírọ́ọ̀ṣì tó wà nínú fóònù kùn ún lójú. Irú èyí tí a fi ń fa ìlà sí ọ̀rọ̀ nídìí, bó ti wù kó ṣú tó lójú, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹni tó bá sì tan ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà sókè lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gígé náà ti já àwọn kan kulẹ̀ rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n rí i pé irinṣẹ́ tí fóònù Pixel fi ń tún àwòrán ṣe máa ń fi apá tí èèyàn gé kúrò sílẹ̀ nínú fáìlì náà, a sì lè fa apá kan rẹ̀ jáde padà. Ti Windows 11 náà ní irú àléébù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tún méjèèjì ṣe, àmọ́ àwòrán tí èèyàn ti fi ránṣẹ́ ṣáájú kò yí padà. Ó sàn kí ojú náà má wọ inú rẹ̀ rárá.

Nígbà tí ọjọ́ ogójì Ìyá pé, a tún pé jọ sórí Zoom lálẹ́. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe àti ibi tó ń lọ, gbogbo wa pa kámẹ́rà, ojú sikirini mi dúdú pátápátá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ ní Jẹ́dà. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́kọ́ tàn, ìbátan wa tó wà nílùú ọba ti lẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kó tó tan tirẹ̀. Mọ́kànlá ló tàn. Ti Ìyá Òkè-Kúrá ò tàn, ṣùgbọ́n ohùn wọn là ń gbọ́, àwọn ni wọ́n ń ṣe àdúrà fún ìyá wọn nígbà tí mo yà á. Kí n tó dìde nídìí láàpútọ́ọ̀pù, wọ́n pè mí.

"Ṣé ó dára?"

Mo ní, "Ó dára gan-an, Ìyá."

"Fi tèmi ránṣẹ́."